Kí lẹ ń pe nǹkan inú táàpù yìí? Mo ti ra méjì, kò sí èyí tó bá a mu

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti sú mi. Táàpù síǹkì kíṣìnnì mi ni, èyí tó ní ọwọ́ kan ṣoṣo lórí tí èèyàn máa gbé sókè kí omi tó wá, tó sì ṣeé yí sọ́tùn-ún yí sósì. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń kán tó-tó-tó, bí mo tì í títí kì í dá, mo wá ń gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́, kílẹ̀ tó mọ́ abọ́ á ti kún. Mo lọ sọ́jà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní kí wọ́n fún mi ní "nǹkan ẹnu táàpù" torí pé ẹnu ẹ̀ ló ti ń kán, wọ́n fún mi ní nǹkan róbótó kan tó ní àwọ̀n nínú, mo délé mo wé e mọ́ ọn, ó ṣì ń kán. Mo padà lọ, mo ní wọ́ṣà ni mo fẹ́, wọ́n fún mi ní rọ́bà dúdú méjì, mo délé n ò rí ibi tí màá fi wọ́n sí. Owó ọkọ̀ tí mo ti ná ti ju owó nǹkan tí mo rà lọ. Kí gan-an lorúkọ nǹkan tí mò ń wá, kí n má tún lọ dúró níwájú ọlọ́jà kí n máa fi ọwọ́ júwe?

Ọ̀gá Lándílọ́ọ̀dù
Wọ́ṣà ni. Kò sí nǹkan mìíràn tó ń mú táàpù kán. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ni mo ní, ọdọọdún ni mò ń pààrọ̀ wọ́ṣà, mi ò kí ń pe púlọ́ńbà sí i. Ẹ tú orí ẹ̀, ẹ máa rí irin kékeré kan tó dà bí olú, ìdí ẹ̀ ni wọ́ṣà ń gbé. Háàfù-íńṣì ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tó ń tajà tàn yín jẹ.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ibo lorí ẹ̀? Ọwọ́ ló wà lórí, n ò rí nọ́ọ̀tì kankan níta rárá, gbogbo ẹ̀ ń dán gbinrin ni.

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo
Ẹ bá mi dá tèmi náà sí i, tèmi kì í kán, àmọ́ omi ò wá dáadáa mọ́, ó kàn ń ṣe ṣẹ́ẹ́rẹ́, nígbà míì ó máa fọ́n sí ẹ̀gbẹ́ bá mi láṣọ. Wọ́n ní kí n ra pọ́ǹpù tuntun. Ṣé wọ́ṣà ni tèmi náà?

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Ẹ pẹ̀lẹ́ gbogbo yín. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe láti ìgbà tí mo ti gba ìyọ̀ǹda, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àǹtí télọ̀, ibi tí omi ti ń kán kọ́ ni nǹkan tó bà jẹ́ wà. Ìyẹn ló ṣì yín lọ́nà. Páìpù tó tẹ̀ kọdọrọ tí omi ń gbà jáde, sípáótù là ń pè é. Ẹnu sípáótù yẹn, nǹkan róbótó aláwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún yín ló ń wà níbẹ̀, ẹ̀réétọ̀ lorúkọ ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju pé kó da afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ omi kó má baà ta sí èèyàn lára lọ. Kò lè dá omi dúró, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀, bí ẹ fi mẹ́wàá síbẹ̀ táàpù á ṣì máa kán.

Ohun tó ń dá omi dúró wà nínú ikùn táàpù, lábẹ́ ọwọ́ yẹn. Táàpù ọlọ́wọ́ kan bíi tiyín, míkísà, kò ní wọ́ṣà tí Bàbá ń sọ. Kátíríìjì ló ní. Kátíríìjì jẹ́ nǹkan oníke bí ìdérí ìgò ńlá, inú ẹ̀ ni àwo pẹlẹbẹ sẹ̀rámíìkì méjì wà, ọ̀kan ò mì, èkejì ń sún lórí ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ń gbé ọwọ́ sókè sódò. Àwọn àwo yẹn dán débi pé omi ò lè gba àárín wọn kọjá. Ohun tó ń bà á jẹ́ fún wa nílẹ̀ yìí ni yanrìn inú omi bọ́ọ̀hóòlù àti ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ tánkì, tó bá ti wọ àárín wọn, á ha wọ́n, ojú ibi tó ha yẹn lomi á máa gbà yọ.

Bàbá Lándílọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ yín ò burú, táàpù àtijọ́ lẹ̀ ń sọ, èyí tá a máa ń yí yípo-yípo bíi mẹ́ta mẹ́rin kó tó tì. Wọ́ṣà nìyẹn ní lóòótọ́. Bí táàpù bá le bí ẹ ṣe ń tì í, tí omi tún ń dínkù díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí i, wọ́ṣà ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn gbé ọwọ́ kan tàbí ẹ yí i díẹ̀ báyìí ó ti ṣí pátápátá, sẹ̀rámíìkì ni.

Ọ̀gá Lándílọ́ọ̀dù
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́ṣà kì í yọnu tó báyẹn. Ẹ ò rí i pé ìgbà tí wọ́n kó míkísà dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Ará Orílé
Èmi ń ta nǹkan púlọ́ńbà ní Odunadé, Orílé, Èkó níbí. Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀bi yín nìkan. Lójoojúmọ́ ni oníbàárà ń wá sọ fún mi pé "fún mi ní ti inú táàpù", "fún mi ní ẹ́ńjìnnì ẹ̀", "fún mi ní ọkàn ẹ̀". Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ "kátíríìjì" kí n tó mọ̀ pé orí táàpù ọlọ́wọ́ méjì ló ń wá. Ẹ wò ó, bẹ́ ẹ bá dárúkọ kátíríìjì nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ, torí oríṣi tó wà lórí sẹ́ẹ̀fù mi níbí ò ṣeé kà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí màá bi yín ni pé ṣé 35 ni àbí 40. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, èmi náà á kàn fún yín ní 35 torí òun ló ń tà jù, bó bá sì jẹ́ 40 ló wà nínú tiyín, ẹ padà délé ìyà nìyẹn.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
35 kí ni? 40 kí ni? Náírà?

Ará Orílé
Hahaha, ìbá dáa o! Mìlímítà ni. Bí ikùn ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Òótọ́ lọmọ Orílé sọ. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ jáde ká tó dárúkọ ẹ̀ lọ́jà. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ.

Ẹ kọ́kọ́ pa omi. Lábẹ́ síǹkì ẹ máa rí páìpù méjì tó ṣeé tẹ̀, tó gùn gọọrọ sókè wọ inú táàpù, ibi tí wọ́n ti jáde lára ògiri máa ń ní áńgùlù-fáàfù, ẹ yí i sọ́tùn-ún títí. Bí kò bá sí, ẹ lọ ti ti ẹnu tánkì. Ẹ wá ṣí táàpù kí omi tó kù dà nù. Ẹ fi aṣọ dí ihò síǹkì, ẹ má gbàgbé èyí o, súkúrù kékeré tó bá bọ́ síbẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ara ọwọ́ táàpù, iwájú tàbí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí ààmì kékeré pupa àti búlúù. Ike ni, ẹ fi ẹnu ọ̀bẹ yọ ọ́. Súkúrù kan wà nínú ihò yẹn, álẹ́ǹ-kíì, irin onígun mẹ́fà tó tẹ̀ yẹn, ló ń tú u, èyí tó jẹ́ mìlímítà 2.5 tàbí 3 ló sábà máa ń bá a mu. Ẹ tú u díẹ̀, ẹ fa ọwọ́ sókè. Lábẹ́ ẹ̀ ni ìdérí tó dà bí fìlà, ọwọ́ lásán ló ń tú ìyẹn. Lábẹ́ fìlà ni nọ́ọ̀tì ńlá tó tẹ kátíríìjì mọ́lẹ̀, ìyẹn ló nílò sípánà. Tó bá ti jáde, ẹ kàn fa kátíríìjì sókè.

Ẹ dojú ẹ̀ dé. Ẹ máa rí ihò mẹ́ta tí rọ́bà yí ká: omi gbígbóná ń wọlé níkan, tútù ń wọlé níkan, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń gbà jáde lọ sí sípáótù. Ẹ máa tún rí ẹsẹ̀ kékeré méjì tó yọ bí eyín ọmọ ọwọ́, ìyẹn ń wọ ihò nínú táàpù kó má baà yí. Ẹ wá wò ó bóyá ìdí ẹ̀ pẹlẹbẹ tó jẹ́ pé eyín méjì yẹn nìkan ló yọ, tàbí gbogbo ìdí ẹ̀ ga sókè bíi pé ó wọ bàtà. Oríṣi méjì nìyẹn, ọ̀kan ò lè wọ ilé èkejì bí wọ́n tiẹ̀ jọ jẹ́ 35.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Ó yé mi bàbá, ẹ ṣé gan. Ṣùgbọ́n n ò ní nǹkan tí wọ́n fi ń wọn irin róbótó. Tépù tí mo fi ń wọn oníbàárà nìkan ló wà níbí.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Tépù yẹn gan-an la fẹ́! Ẹ yí i po ikùn kátíríìjì bí ẹni tó ń wọn ìbàdí, níbi tó ti fẹ̀ jù lápá ìsàlẹ̀, kì í ṣe ọrùn ẹ̀ lókè. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11 tàbí ó lé díẹ̀, 35 ni. Bó bá lé ní 12 àbọ̀, 40 ni. Àwọn kan tún wà tó kéré, 25, ìyẹn ò ní tó 8 àbọ̀, orí táàpù bésìnnì kékeré tó tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ti máa bá a.

Ọmọ Pẹ́kámù
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Lọ́ńdọ́ọ̀nù níbí ni mo wà. Táàpù méjì ló wà lórí bááfù wa, gbígbóná lọ́tọ̀, tútù lọ́tọ̀, ìyẹn tí èèyàn máa yí díẹ̀ báyìí táá ti ṣí. Àwọn méjèèjì ń kán. Mo lọ ra méjì tó jọra, mo ṣiṣẹ́ náà fúnra mi, inú mi dùn, àfi bí tútù ṣe ṣí dáadáa tí gbígbóná wá ń ṣí sí òdìkejì. Ẹni tó ta á fún mi ló wá sọ pé ọ̀kan máa ń yí sọ́tùn-ún, èkejì máa ń yí sósì, méjì ni èèyàn ń rà, tọ̀tún-tòsì bí ẹni ra bàtà. Ó tún ní ṣé mo ti ka eyín orí ẹ̀, ibi tí ọwọ́ táàpù ń kì bọ̀, torí ti ẹlòmíì jẹ́ 20, ti ẹlòmíì 24, tí kò bá bára mu ọwọ́ kàn máa yí lásán ni. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí.

Ará Orílé
Ìyẹn là ń pè ní orí táàpù níbí, héèdì. Oníbàárà tó bá pè é ní kátíríìjì ò jẹ̀bi, torí àwo sẹ̀rámíìkì wà nínú òun náà, àmọ́ ó gùn, ó ní wínrín lára, ìlà tó yí po bíi ti súkúrù, kò dà bí ti àǹtí télọ̀ rárá. Ẹni bá ti wí fún mi pé ọwọ́ mélòó ni táàpù òun ní, mo ti mọ ibi tí mo máa nawọ́ sí.

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo
Ẹ ti gbàgbé mi o!

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Má bínú ọmọ mi, mi ò gbàgbé. Má tíì ra pọ́ǹpù. Ṣé gbogbo táàpù ilé lomi ti dínkù ni àbí ẹyọ kan?

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo
Ti kíṣìnnì nìkan sà. Ti báluwẹ̀ ń tú yàà.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Tìẹ gan-an ni ẹ̀réétọ̀ tí àǹtí télọ̀ rà lásán yẹn. Tú u lẹ́nu sípáótù, fi aṣọ dì í mú kí púláyà má baà ha á. Wo inú ẹ̀, mo mọ ohun tó o máa bá níbẹ̀: yanrìn, ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà, nígbà míì ègé rọ́bà dúdú. Tó o bá ti yọ ọ́, ṣí omi díẹ̀ láìsí i níbẹ̀, bó bá tú yàà, ẹjọ́ ti parí. Rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Tí àwọ̀n ẹ̀ bá ti ya, kó o tó rà wo ibi tí wínrín ẹ̀ wà. Bí wínrín bá wà níta ara ẹ̀, mìlímítà 24 ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá wà nínú, 22 ni. Ti orí bááfù máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, mú un dání lọ.

Ọ̀gá Lándílọ́ọ̀dù
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bèèrè kan. Wọ́ṣà háàfù-íńṣì tí mò ń rà láti ọjọ́ yìí, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí torí ọ̀rọ̀ yín, ó fẹ̀ ju háàfù-íńṣì lọ dáadáa! Ó ń sún mọ́ íńṣì kan díẹ̀díẹ̀. Ṣé wọ́n ti ń rẹ́ mi jẹ ni?

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Wọn ò rẹ́ yín jẹ sà. Háàfù-íńṣì yẹn kì í ṣe fífẹ̀ wọ́ṣà, orúkọ táàpù ni, ìwọ̀n páìpù tó ń wọlé sínú ẹ̀. Páìpù náà fúnra ẹ̀ gan-an, tẹ́ ẹ bá wọn ẹ̀yìn wínrín ẹ̀, bíi mìlímítà 21 lẹ máa bá, bẹ́ẹ̀ háàfù-íńṣì ló ń jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé kí wọ́n má fi rúlà wọn nǹkan kí wọ́n wá lọ máa pe nọ́ńbà yẹn fún ọlọ́jà. Èèyàn á wọn wọ́ṣà yìí, á bá mìlímítà 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀, á ní tíríkọ́tà-íńṣì lòun fẹ́, wọ́n á sì fún un ní ti táàpù bááfù tó tóbi ju tiẹ̀ lọ.

Télọ̀ Mọ́kọ́lá
Mo ti dé o! Mo yọ ọ́ lánàá. Álẹ́ǹ-kíì 2.5 ló tú u, ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò wa ni mo ti yá a. Ike funfun ló jáde, rọ́bà pupa mẹ́ta nídìí ẹ̀, ọ̀kan ti fẹ̀ bí ètè. Mo fi tépù yí i po, 11 àti kékeré kan. Ìdí ẹ̀ pẹlẹbẹ, eyín méjì. Mo mú un dání lọ sí Dùgbẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo ní "kátíríìjì 35, onípẹlẹbẹ", mo gbé ti àtijọ́ lé orí kántà. Ọkùnrin yẹn wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́kọ́ mú onígìgísẹ̀ gíga wá, èmi ni mo ní rárá, wo ìdí ẹ̀.

Mo ti fi sí i. Kíkán ti dá. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì: ọwọ́ ẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìkejì, tí mo bá ṣí omi, ìdí sípáótù níbi tó ti ń yí máa ń jò wẹ́rẹ́, tí mo bá tì í, ó dá.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Ẹ kú iṣẹ́! Ọwọ́ tó le yẹn, ẹ fún nọ́ọ̀tì jù ni. Ẹ tú u, ẹ fi ọwọ́ wé e títí tó máa dúró, ẹ wá fi sípánà kún un díẹ̀ báyìí, kó má tó ìlàjì ìyípo. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ gbé kátíríìjì kúrò, ẹ fi aṣọ bo orí táàpù, kí ẹnìkan ṣí áńgùlù-fáàfù díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, kí yanrìn inú páìpù bá omi jáde. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe é, yanrìn yẹn ló máa kọ́kọ́ wọ inú tuntun. Ẹ tún nu ilé ẹ̀ dáadáa, ègé rọ́bà àtijọ́ tó bá lẹ̀ síbẹ̀ ò ní jẹ́ kó jókòó.

Ti ìdí sípáótù kì í ṣe kátíríìjì. Nǹkan tó ń jò nígbà tí omi bá ń ṣàn nìkan, tó sì jẹ́ ìdí ibi tó ti ń yí, ó-ríńgì ni, àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka tó yí inú ìdí sípáótù ká, méjì ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ fa sípáótù sókè, ẹ yọ wọ́n, ẹ mú wọn dání lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe nípọn, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bára mu.

Ọmọ Pẹ́kámù
Kí wọ́n fi fasilíìnì pa á díẹ̀ kó lè yọ̀ wọlé.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Rárá o. Fasilíìnì máa ń mú rọ́bà míì wú. Gíríìsì sìlíkóònù ni.

Ará Orílé
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, fasilíìnì ni èmi ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá, kò sí oníbàárà tó padà wá.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Bóyá ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń padà wá sí.

Ìyàwó Ọ̀ṣogbo
Mo ti fọ ẹ̀réétọ̀ yẹn! Yanrìn tó jáde níbẹ̀ tó ṣíbí kan. Omi ti ń tú. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé owó pọ́ǹpù ti di owó tèmi.

Ọ̀gá Lándílọ́ọ̀dù
Èmi náà ti tú míkísà tó wà ní yàrá kẹta. Mo ti yọ ọwọ́, mo ti yọ fìlà, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì yẹn ò mì rárá. Mo ti fi páìpù gígùn bọ sípánà kí n lè fà á dáadáa.

Bàbá Páìpù Abẹ́òkúta
Bàbá, ẹ dúró! Ẹ má fà á. Ẹ gbé táàpù yẹn wò, ṣé ó wúwo lọ́wọ́ àbí ó fúyẹ́? Bó bá fúyẹ́, kì í ṣe idẹ, ara ẹ̀ ò lè gba páìpù gígùn. Ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sínú fínígà wé nọ́ọ̀tì yẹn mọ́jú ná.

Ọ̀gá Lándílọ́ọ̀dù
Ó ti kán. Èló ni odidi táàpù ní Orílé?